ỌDÚN WO LÓ YẸ KÁ TA Ẹ̀RỌ ÌLỌ-Ẹ̀GẸ́?
Láti ọwọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́



Ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò sí ẹni tó ń ṣe gàrí ní Ìbàràpá tí kò mọ oore tí ẹ̀rọ yìí ṣe fún wa. Orí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí ni àwọn ìyá wa àgbà ti ń fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́, tí ìka wọn á sì máa bó. Àwọn Faransé ló gbé ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí à ń pè ní Dàhòmì nígbà náà, ní àwọn ọdún 1930. Àwọn alágbẹ̀dẹ àti wẹ́dà ilẹ̀ Nàìjíríà náà tún un rọ, wọ́n mú un bá iṣẹ́ tiwa mu, títí tó fi di ohun tó wà ní gbogbo àdúgbò lónìí.

Bí a ṣe ń ra ẹ̀rọ yìí, a mọ̀ ọ́n. Ìgbà tó yẹ ká tà á ni àríyànjiyàn wà. Ẹ bi ìyá méjì tó ní ẹ̀rọ léèrè, ẹ ó gbọ́ ohùn méjì. Èkíní á ní, "Kí n ta ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kẹ̀? Ìgbà tó bá kú ni mo máa pààrọ̀ rẹ̀." Èkejì á ní, "Èmi kì í jẹ́ kó gbó mọ́ mi lọ́wọ́. Bó bá ti pé ọdún méjì báyìí, mo ti tà á nígbà tó ṣì wu èèyàn rà." Àwọn méjèèjì gbọ́n, àwọn méjèèjì sì ń pàdánù owó. Ẹni tó tètè tà ń pàdánù níbi owó àlòkù. Ẹni tó pẹ́ jù ń pàdánù lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Láàárín àwọn méjèèjì, ọdún kan wà tí owó tí ẹ̀rọ ń gbà lọ́wọ́ wa lọ́dún kéré jù lọ. A lè fi ìṣirò wá ọdún yẹn. Ìṣirò náà kò sì ju èyí tí à ń ṣe nídìí àjọ àti gbèsè lọ.

ILẸ̀KÙN MẸ́TA TÍ OWÓ Ń GBÀ JÁDE

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀rọ ń gbà gba owó lọ́wọ́ ẹni, lọ́dọọdún.

Ilẹ̀kùn kìíní ni iye tó ń já lára rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a rà ní ₦800,000, tí a kò lè tà ju ₦600,000 lọ lẹ́yìn ọdún kan, ti jẹ ₦200,000 lọ́dún náà. A kò rí ẹni tó gba owó náà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ó ti lọ. Ilẹ̀kùn yìí máa ń ṣí sílẹ̀ gbàgàdà lọ́dún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á máa sún kì díẹ̀díẹ̀, nítorí ohun tó ti di àlòkù kò tún lè di àlòkù lẹ́ẹ̀mejì.

Ilẹ̀kùn kejì ni èrè owó tí a kó dúró síbẹ̀. Owó tó wà lára ẹ̀rọ kò sí nínú ọjà. Ká ní a fi ra gàrí nígbà tó pọ̀, tí a kó o pamọ́ títí tó fi wọ́n, ìbá ti bí sí i. Ẹni tó sì yá owó ra ẹ̀rọ mọ èlé tó ń san. Ẹni tó lo owó ara rẹ̀ rò pé òun kò san èlé kankan, ṣùgbọ́n ó ń san án o, èrè tí kò jẹ ni èlé rẹ̀.

Ilẹ̀kùn kẹta ni àtúnṣe, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ dúró, àti dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀rọ tó ti ń gbó ń mu ju ti tuntun lọ. Ilẹ̀kùn yìí ní tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi ojú abẹ́rẹ́, ọdọọdún ló sì ń fẹ̀ sí i.

Ẹ kíyè sí i pé a kò ka gbogbo owó. Dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀rọ gbogbo ń mu, yálà ó tuntun ni tàbí ó gbó, a kò kà á. Páànù tí à ń pààrọ̀ lára ìlù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ti kú, a kò kà á. Owó ọmọ tó ń dúró tì í, a kò kà á. Ìdí ni pé bákan náà ni wọ́n rí ní ọdún kìíní àti ọdún kẹfà. Ohun tó bá jẹ́ bákan náà ní gbogbo ọdún kò lè sọ fún wa ọdún tó yẹ ká tà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì àti ẹ̀rọ oníná ni a fẹ́ fi wé ara wọn, nígbà náà a gbọ́dọ̀ ka epo àti iná, torí wọn kò rí bákan náà mọ́.

Ẹ̀RỌ KAN, ỌDÚN MẸ́FÀ

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Iye tí a máa lò yìí, a kàn mú un kí ìṣirò lè rọrùn ni. Ẹ fi iye ọjà tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ká sọ pé a ra ẹ̀rọ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ₦800,000. Ká sọ pé owó tí a bá fi ṣòwò gàrí, ₦100 á di ₦120 lọ́dún. Èlé 20 lórí 100 nìyẹn. Ká sọ pé iye tí a lè tà á ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan nìyí: ₦600,000 lẹ́yìn ọdún kan, ₦460,000 lẹ́yìn méjì, ₦360,000 lẹ́yìn mẹ́ta, ₦280,000 lẹ́yìn mẹ́rin, ₦220,000 lẹ́yìn márùn-ún, ₦180,000 lẹ́yìn mẹ́fà. Ká sì sọ pé owó àtúnṣe àti ti ọjọ́ tí iṣẹ́ dúró jẹ́ ₦40,000 lọ́dún kìíní, ₦70,000 lọ́dún kejì, ₦110,000 lọ́dún kẹta, ₦170,000 lọ́dún kẹrin, ₦250,000 lọ́dún karùn-ún, ₦350,000 lọ́dún kẹfà.

Ẹ wo ọdún kìíní. Iye tó já jẹ́ ₦200,000. Èlé lórí ₦800,000 jẹ́ ₦160,000. Àtúnṣe jẹ́ ₦40,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦400,000. Ọdún kejì: iye tó já jẹ́ ₦140,000. Èlé ní báyìí, orí ₦600,000 ni, torí iye tó kù lára ẹ̀rọ nìyẹn, ó jẹ́ ₦120,000. Àtúnṣe ₦70,000. Àpapọ̀ ₦330,000. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí a máa rí nìyí:

Ọdún 1: ₦400,000
Ọdún 2: ₦330,000
Ọdún 3: ₦302,000
Ọdún 4: ₦322,000
Ọdún 5: ₦366,000
Ọdún 6: ₦434,000

Ṣé ẹ rí bó ṣe rìn? Ó wálẹ̀, ó dé ìsàlẹ̀, ó tún gòkè. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ á ní, "Ọdún kẹta ló kéré jù, ẹ jẹ́ ká tà á lọ́dún kẹta." Rárá o. Ọdún kẹta ni ẹ̀rọ náà dára jù, ṣùgbọ́n bí a bá tà á níbẹ̀, a ó lọ ra tuntun, ọdún kìíní olówó gọbọi á tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí à ń wá ni iye ọdún tí a lè pín ìnira ọdún kìíní yẹn sí, tí ẹrù gbogbo ọdún á fi fúyẹ́ jù.

OWÓ TÓ DỌ́GBA FÚN ỌDỌỌDÚN

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wá iye kan ṣoṣo, tó dọ́gba, tí ẹni tó bá ń yọ ọ́ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún á fi lè gbé gbogbo ìnáwó ẹ̀rọ náà láti ìgbà tó rà á títí dìgbà tó tà á, pẹ̀lú èlé rẹ̀, tí kò ní ṣẹ́kù, tí kò sì ní jẹ gbèsè. Ẹ jẹ́ ká pè é ní owó ìdọ́gba.

Ọ̀nà kúkúrú ni kí a pa àwọn ọdún pọ̀ kí a pín in. Bí a bá lo ẹ̀rọ náà ọdún mẹ́rin, 400 àti 330 àti 302 àti 322 jẹ́ 1,354, ní ẹgbẹ̀rún náírà. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, ó jẹ́ ₦338,500. Ọ̀nà yìí sún mọ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì pé, nítorí owó tó jáde lọ́dún kìíní wúwo ju èyí tó jáde lọ́dún kẹrin lọ: èlé ti gun orí rẹ̀. Bí a bá wá ka ìwúwo yẹn mọ́ ọn dáadáa, owó ìdọ́gba tí a máa rí nìyí, ní bíi:

Bí a bá ń tà á lẹ́yìn ọdún 1: ₦400,000 lọ́dún
Lẹ́yìn ọdún 2: ₦368,000
Lẹ́yìn ọdún 3: ₦350,000
Lẹ́yìn ọdún 4: ₦345,000
Lẹ́yìn ọdún 5: ₦348,000
Lẹ́yìn ọdún 6: ₦356,000

Ọdún kẹrin ló borí. Ẹni tó ń tà á lọ́dọọdún ń fi ₦55,000 ṣòfò lọ́dún ju ẹni tó ń dúró de ọdún kẹrin lọ.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ lásán. Ẹ fi ìwé gbèsè dán an wò, bí a ṣe ń ṣe nígbà tí ẹnì kan bá yáwó nínú ẹgbẹ́. Ká sọ pé gbèsè ni ₦800,000 tí a fi ra ẹ̀rọ náà. Owó àtúnṣe pàápàá, a ó máa kọ ọ́ mọ́ gbèsè. A ó sì máa san ₦345,000 lópin ọdọọdún.

Lópin ọdún kìíní, èlé sọ ₦800,000 di ₦960,000. Àtúnṣe ₦40,000 sọ ọ́ di ₦1,000,000. A san ₦345,000, ó ku ₦655,000.

Lópin ọdún kejì, èlé sọ ₦655,000 di ₦786,000. Àtúnṣe ₦70,000 sọ ọ́ di ₦856,000. A san ₦345,000, ó ku ₦511,000.

Lópin ọdún kẹta, èlé sọ ọ́ di ₦613,200. Àtúnṣe ₦110,000 sọ ọ́ di ₦723,200. A san, ó ku ₦378,200.

Lópin ọdún kẹrin, èlé sọ ọ́ di ₦453,840. Àtúnṣe ₦170,000 sọ ọ́ di ₦623,840. A san, ó ku ₦278,840. A wá ta ẹ̀rọ náà ní ₦280,000. Gbèsè tán, ₦1,160 ló ṣẹ́kù fún omi mímu.

Bó ṣe ń jẹ́ pé iye náà tọ̀nà nìyẹn. Bí gbèsè bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a tà á, iye tí a mú kéré jù. Bí owó púpọ̀ bá ṣẹ́kù, ó pọ̀ jù. Ẹni tí kò mọ ìṣirò àwọn onímọ̀ lè máa gbé iye náà sókè sódò lọ́nà báyìí títí gbèsè á fi parí géérégé. Ọmọ tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì lè bá yín ṣe é lórí ẹ̀rọ ìṣirò ní alẹ́ ọjọ́ kan.

ÌSÀLẸ̀ ÌKÒKÒ NÁÀ TẸ́

Ohun kan wà nínú iye yẹn tó yẹ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀. Láàárín ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún, ìyàtọ̀ owó ìdọ́gba kò ju ₦3,000 lọ lọ́dún. Láàárín ọdún kẹta àti ìkẹrin, ₦5,000 péré ni. Ìsàlẹ̀ ìkòkò náà tẹ́, kò rí ṣóńṣó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ pé ọdún mẹ́rin lónìí sáré lọ tà á ní ìtàkútà. Bí oníbàárà rere kò bá tíì dé, ẹ lè dúró. Bí owó láti ra tuntun kò bá tíì pé, oṣù mélòó kan kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ibi tí ewu wà ni ọdún kẹfà sókè, tàbí kí èèyàn máa tà á lọ́dọọdún.

Bí ẹ kò bá sì fẹ́ ṣe gbogbo ìṣirò òkè yẹn, òfin kúkúrú kan wà. Ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣírò ohun tí ọdún tó ń bọ̀ nìkan máa gbà: iye tó máa já, èlé lórí iye tí ẹ lè tà á lónìí, àti àtúnṣe. Bí ó bá kéré sí owó ìdọ́gba ẹ̀rọ tuntun, ẹ mú un dání. Bí ó bá ti ju ú lọ, ẹ tà á. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọdún kẹrin gba ₦322,000, kò tó ₦345,000, a mú un dání. Ọdún karùn-ún máa gba ₦366,000, ó ju ₦345,000 lọ. Ó tó àkókò.

ÌYÁÁLÉ ÀTI ÌYÀWÓ

Ní ọdún 1949, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Jọ́ọ̀jì Tábọ̀ọ̀, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó pe ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ní ẹni tó ń gbèjà ara rẹ̀, ó sì pe tuntun ní ẹni tó wá pè é níjà. Àwa ní tiwa, ìyáálé àti ìyàwó ni. Ìyáálé ti wà nílé, a kò tún ní san owó orí rẹ̀ mọ́. Ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé, a gbọ́dọ̀ san gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò gbọdọ̀ fi ojú kan náà wò wọ́n.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni owó tí wọ́n ti ná. Ìyá kan á ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ná ₦120,000 sí i lóṣù tó kọjá, mi ò lè tà á báyìí." Ìyá mìíràn á ní, "₦800,000 ni mo rà á, báwo ni mo ṣe máa tà á ní ₦220,000?" Omi tó ti dànù kò ṣe é kó mọ́ o. Owó tó ti lọ kò sí nínú ìṣirò tó kàn wá lónìí, yálà a tà á tàbí a kò tà á, kò ní padà. Iye tí wọ́n máa ra ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ yín láàárọ̀ yìí nìkan ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ìyáálé. Bí ẹ bá ti kọ̀ láti gbà á, ó ti dà bíi pé ẹ fi iye náà rà á padà.

Ibi tí òfin yìí ti wúlò jù ni ìgbà tí mẹkáníìkì bá ní kí a tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kí a tún un tò. Ká sọ pé ẹ̀rọ àpẹẹrẹ wa ti pé ọdún márùn-ún. A lè tà á ní ₦220,000. Mẹkáníìkì ní òun á gba ₦200,000, òun á fi ríǹgì tuntun àti bẹ́ríìnì tuntun sí i, á sì tún lo ọdún méjì. Kí ẹ sọ pé, "Ẹ gba ₦200,000," kò pé. ₦420,000 ló wà níbẹ̀: ₦200,000 rẹ̀ àti ₦220,000 tí a kọ̀ láti gbà lọ́wọ́ oníbàárà.

Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára, ká sọ pé àtúnṣe á jẹ́ ₦100,000 lọ́dún kìíní, ₦150,000 lọ́dún kejì, kí a sì tún rí i tà ní ₦200,000. Ìwé gbèsè á fi hàn pé ₦307,000 lọ́dún tó láti gbé e. Ó kéré sí ₦345,000 ti tuntun. Ìyáálé borí, ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá dára, tí àtúnṣe lọ jẹ́ ₦200,000 àti ₦250,000, tí a kò sì rí i tà ju ₦150,000 lọ, owó ìdọ́gba rẹ̀ di bíi ₦430,000. Ìyàwó ì bá sàn jù. Ẹ rí i pé ọwọ́ mẹkáníìkì ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ béèrè ẹ̀rọ tó ti tú palẹ̀ fún ẹlòmíràn rí, kí ẹ lọ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó kówó sílẹ̀.

BÍ A ṢE Ń MỌ IYE TÍ A MÁA KỌ

Ìṣirò kò le. Iye tí a máa fi ṣe é ló le. Ìwé kékeré kan ni ká so mọ́ ara ògiri ilé ẹ̀rọ, kí ọmọ tó ń dúró tì í máa kọ gbogbo nǹkan sí i.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ẹ kọ owó mẹkáníìkì àti ti ohun èlò, kí ẹ sì kọ ohun tí a pàdánù. Gbogbo owó tó yẹ kó wọlé kọ́ ni a pàdánù o. Bó bá jẹ́ pé ₦15,000 ni ì bá wọlé lọ́jọ́ náà, tí dísẹ́ẹ̀lì ₦7,000 ì bá jóná, ₦8,000 ni a pàdánù, torí dísẹ́ẹ̀lì kò jóná. Bí ọmọ tó ń dúró tì í bá ń gba owó lórí iṣẹ́ tó ṣe nìkan, ẹ yọ tirẹ̀ náà kúrò. Bí a bá ń sanwó fún un yálà iṣẹ́ wà tàbí kò sí, ẹ má yọ ọ́.

Nípa dísẹ́ẹ̀lì, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ṣì tuntun. Ẹ bu dísẹ́ẹ̀lì kún táǹkì, ẹ lọ iye agbada ẹ̀gẹ́ kan tí ẹ máa rántí, kí ẹ tún bu ú kún. Iye lítà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni ẹ máa kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ tún un ṣe. Iye tó bá fi ju ti àkọ́kọ́ lọ, inú owó àtúnṣe ló ń wọ̀.

Ẹ máa wo èéfín náà pẹ̀lú. Èéfín dúdú sábà máa ń jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kò wọlé dáadáa, tàbí pé nọ́súlù ń da epo jù, tàbí pé iṣẹ́ pọ̀ jù fún un. Èyí kò gbówó, kì í ṣe ogbó. Èéfín tó ní àwọ̀ bíi aró, tí ọ́ìlì sì ń lọ sílẹ̀ kíákíá, ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ, ríǹgì ti ń kú. Bí ó bá tún ṣòro láti ta á jí láàárọ̀, tó ń tú èéfín funfun kó tó gbà, tí atẹ́gùn gbígbóná ń tú jáde níbi tó ti ń mí, agbára inú rẹ̀ ti ń lọ nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá rí méjì nínú àwọn àmì yìí, ẹ lọ ṣe ìṣirò ọdún tó ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, kí iye àlòkù rẹ̀ tó já sí i. Oníbàárà náà mọ èéfín o.

Ọ̀RỌ̀ NÁÍRÀ

Ohun tó máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́ jù nílẹ̀ wa ni kí a pa náírà ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún náà, gbogbo nǹkan gbówó lórí. Ẹni tó ra ẹ̀rọ ní ọdún 2019 lè tà á lónìí ní iye náírà tó ju èyí tó fi rà á lọ, kó máa rò pé òun jèrè. Kò jèrè. Ẹ béèrè iye àpò gàrí tí owó àkọ́kọ́ yẹn lè rà nígbà náà, àti iye àpò tí èyí lè rà lónìí.

Nítorí náà, iye ọjà lónìí ni kí a fi ṣe gbogbo rẹ̀: iye tí tuntun jẹ́ lónìí, iye tí ẹ̀rọ ọlọ́dún kan, ọlọ́dún méjì, ọlọ́dún mẹ́ta ń lọ fún lónìí, iye tí mẹkáníìkì ń gbà lónìí. Èlé tí a máa lò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ bí ọjà ṣe pọ̀ sí i, kì í ṣe bí náírà ṣe pọ̀ sí i. Bí àpò gàrí 100 bá lè di 120 lópin ọdún lọ́wọ́ yín, 20 lórí 100 ni. Bí 100 bá di 105, 5 lórí 100 ni, kódà kí náírà ti di ìlọ́po méjì. Ẹni tí iye yìí bá dà láàmú, kó fi àpò gàrí ṣe gbogbo ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó máa ń yọ wàhálà náírà kúrò.

Bí iye tuntun nìkan bá fò sókè, tí iye àlòkù àti àtúnṣe kò yí padà, ìyáálé á pẹ́ sí i nílé. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí tuntun bá di ₦1,200,000, owó ìdọ́gba ọdún mẹ́rin á fò láti ₦345,000 sí bíi ₦500,000. Ọdún karùn-ún tó gba ₦366,000 àti ọdún kẹfà tó gba ₦434,000 á wá dára láti lò. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé iye àlòkù kò yí padà láì béèrè, torí nígbà tí tuntun bá wọ́n, gbogbo èèyàn ló ń wá àlòkù. Ẹ lọ wádìí ní ọjà kí ẹ tó kọ iye kankan sílẹ̀.

Ẹ rántí pé ìṣirò yìí wà fún ẹni tó bá máa fi ẹ̀rọ mìíràn rọ́pò eléyìí. Ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ gàrí sílẹ̀ kò nílò owó ìdọ́gba tuntun rárá. Kí ó kàn máa lò ó níwọ̀n ìgbà tí èrè tó ń mú wọlé lọ́dún bá ju ohun tí ọdún náà ń gbà lọ.

Ẹ mú ìwé ẹ̀rọ yín wá sí ìpàdé ìparí oṣù, ẹni tó ní ẹ̀rọ ọlọ́dún mẹ́ta sókè ni kó tètè dé. A ó jókòó tì í, a ó kọ iye tí ọdún tó ń bọ̀ máa gbà, a ó fi wé ti tuntun, kí oníkálukú tó padà sílé.